Èsì kan náà, ìtumọ̀ mẹ́rin: bí a ṣe ń yẹ ìwé tí a fura pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́ wò

Bí ẹ̀rọ aṣàwárí bá gbé èsì 82 nínú 100 jáde pé ẹ̀rọ ló kọ ìwé kan, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bèèrè ni pé irú ìwé wo ni. Èsì 82 lórí ìtàn àròsọ kì í ṣe ẹgbẹ́ èsì 82 lórí àròkọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ti ìròyìn ní ṣókí tún yàtọ̀. Ní ti àlàyé ìlà mẹ́ta tí ẹnì kan kọ sínú kóòdù, èsì yẹn lè má túmọ̀ sí nǹkan kan rárá. Síbẹ̀, nọ́ńbà kan náà ni ẹ̀rọ ń gbé jáde fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọ̀ pupa kan náà ló sì fi ń kùn ún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀, tí ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Olùkọ́ tó ń gba àròkọ, olóòtú tó ń gba ìtàn tàbí ìròyìn, àti ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò kóòdù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí mo ṣe tò wọ́n, torí pé ọ̀kan ló ń bí èkejì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń wọ̀n

Ẹ̀rọ aṣàwárí kò mọ ẹni tó kọ̀wé. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ni pé wọ́n á máa ka ìwé náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tó kàn jẹ́ èyí tí èèyàn lè méfò látinú àwọn tó ti ṣáájú. Ẹ jẹ́ ká pe ìwọ̀n yìí ní ìyàlẹ́nu. Ìwé tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé méfò, ìyàlẹ́nu rẹ̀ kéré, ẹ̀rọ á sì fura sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ṣeé méfò ni ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fẹ́ràn láti mú. GPTZero, tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2023, tún fi ohun kan kún un: ó ń wò bóyá ìyàlẹ́nu yẹn ń lọ sókè sódò láti gbólóhùn dé gbólóhùn, torí pé èèyàn a máa kọ gbólóhùn gígùn kan, a sì fi kúkúrú gé e. Àwọn ẹ̀rọ míì wà tí wọ́n fi òbítíbitì ìwé ènìyàn àti ti ẹ̀rọ kọ́ títí tí wọ́n fi mọ ìyàtọ̀. Irú èyí mọ ìyàtọ̀ nínú irú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ nìkan. Bí ẹ bá gbé irú ìwé míì fún un, ó di pé ó ń méfò.

Ẹ wá wo gbólóhùn méjì yìí. “Oòrùn máa ń yọ ní ìlà…” Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ tó kù. “Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì rí…” Ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ lẹ́tà, ó lè jẹ́ bàtà ẹni tí kò mọ̀. Nínú gbólóhùn kìíní, ohun kan náà ni ènìyàn àti ẹ̀rọ máa kọ, nítorí náà kò sí ẹ̀rí kankan níbẹ̀. Nínú ìkejì, ohun tí òǹkọ̀wé bá mú ló ń tú u fó. Ibi tí òǹkọ̀wé ti láǹfààní láti yan ohun tó wù ú nìkan ni ẹ̀rí wà, ibi bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ bákan náà nínú irú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kódà àmì ìkọ̀kọ̀ tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ lè tẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Maryland gbé irú àmì bẹ́ẹ̀ kan jáde ní 2023: ẹ̀rọ á pín ọ̀rọ̀ tó lè kàn sí apá méjì ní ìkọ̀kọ̀, á sì máa fì sí apá kan ju èkejì lọ. Ẹni tó mọ ìkọ̀kọ̀ náà á ka iye ìgbà tí ìwé fì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ti tọ̀nà, bó ṣe máa ń rí nínú kóòdù, kò sí apá tí ẹ̀rọ lè fì sí, àmì náà kò sì ní ríbi dúró sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo irú ìwé náà àti gígùn rẹ̀

Ìtàn àròsọ ló ní àyè jù lọ. Orúkọ ẹ̀dá ìtàn, ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹnì kan sọ àti ohun tó gbé mì, ọwọ́ òǹkọ̀wé ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìtàn a sì máa gùn. Bí ẹ̀rọ bá kọ ìtàn ọ̀rọ̀ 3,000 tí ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe, ibi tó ti lè tú ara rẹ̀ fó kò lóǹkà.

Àròkọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga gùn dáadáa, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa la kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó kọ ọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ̀wé. A ní kó sọ ohun tó fẹ́ sọ ní ìpínrọ̀ kìíní, kó fi ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀, kó má ṣe fi ìmọ̀lára hàn, kó má lo àdàpè àti àṣàyàn ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe gbogbo rẹ̀ bí a ṣe wí, ìyàlẹ́nu ìwé rẹ̀ ti kéré kó tó dé ọwọ́ ẹ̀rọ aṣàwárí. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí ló máa ń dùn mí jù, torí pé ibẹ̀ ni ìjìyà ti ń tẹ̀ lé èsì.

Ìròyìn ní ṣókí há ju ìyẹn lọ. Ta ni, kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, ìgbà wo: ohun tó ṣe pàtàkì jù ṣáájú, ó sì parí ní ọ̀rọ̀ 60 tàbí 100. Ìlànà yìí le débi pé láti 2014 ni ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press ti ń fi ẹ̀rọ kọ ìròyìn èrè àwọn ilé-iṣẹ́, kí irú ẹ̀rọ tí a ń sọ lónìí tó dé rárá.

Àlàyé inú kóòdù ló kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni, kóòdù tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ti gígùn, nígbà tí OpenAI gbé ẹ̀rọ aṣàwárí tirẹ̀ jáde ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kò ṣeé gbára lé lórí ìwé tí kò tó lẹ́tà 1,000. Àlàyé inú kóòdù kan kò sún mọ́ iye yìí, ọ̀pọ̀ ìròyìn ní ṣókí kò sì dé ibẹ̀. Bí tiyín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ sáré é nínú ẹ̀rọ. Ẹ fò lọ sí ìgbésẹ̀ kẹfà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yọ ohun tí kì í ṣe ti òǹkọ̀wé kúrò

Èyí kò gba àkókò. Ẹ yọ àyọlò, àkójọ ìwé ìtọ́kasí àti ìbéèrè iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tún kọ sókè àròkọ. Nínú kóòdù, ẹ yọ ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ tó máa ń wà lókè fáìlì àti àlàyé tí irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwé tó lókìkí ti wọ inú ẹ̀rọ débi pé ó lè kà á lórí, kò sì sí ìyàlẹ́nu kankan nínú rẹ̀ fún un. Abájọ tí àwọn ẹ̀rọ aṣàwárí kan fi sọ pé ẹ̀rọ ló kọ Òfin Ìpilẹ̀ Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìwé tí wọ́n kọ ní 1787. Àyọlò gígùn méjì nínú àròkọ kékeré tó láti ti èsì sókè láìjẹ̀bi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi ìwé àtijọ́ wọn ẹ̀rọ náà kí ẹ tó fi ẹ̀rọ náà wọn ẹnikẹ́ni

Bí ẹ kò bá ní àyè fún ju ìgbésẹ̀ kan lọ, ẹ ṣe èyí. Ẹ wá ìwé 40 tó jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ fura sí, tí ẹ sì mọ̀ dájú pé ènìyàn ló kọ wọ́n. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ mú èyí tí wọ́n kọ ṣáájú ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọjọ́ tí ChatGPT jáde. Kí wọ́n jọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín ní gbogbo ọ̀nà: àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kan náà, lórí iṣẹ́ kan náà bó bá ṣeé ṣe, gígùn kan náà. Ẹ má fi àròkọ ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má sì fi ìtàn wọn àròkọ. Ẹ sáré gbogbo 40 nínú ẹ̀rọ kan náà, kí ẹ sì to èsì wọn láti orí èyí tó ga jù.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní olùkọ́ kan gba àròkọ tó ní èsì 82. Ó sáré àròkọ àtijọ́ 40, ó sì rí i pé 6 nínú wọn ní 82 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 6 nínú 40 jẹ́ 15 nínú 100. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ 100 bá fi ọwọ́ ara wọn kọ iṣẹ́ yìí, nǹkan bíi 15 nínú wọn ni ẹ̀rọ náà máa sọ nípa wọn ohun tó sọ nípa ẹni tí olùkọ́ ń fura sí. Èsì bẹ́ẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí.

Ká tún ní olóòtú kan gba ìtàn àròsọ tó ní èsì 82 yẹn gan-an. Ó sáré ìtàn àtijọ́ 40 tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i tẹ́lẹ̀, èyí tó ga jù nínú wọn sì jẹ́ 55. Kò sí ọ̀kan tó dé 82. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níbí o: èsì náà ti wúwo. Ṣùgbọ́n kí olóòtú náà má sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Bí ohun kan kò bá ṣẹlẹ̀ rárá nínú ìgbà 40, ó ṣì lè máa ṣẹlẹ̀ tó ìgbà 7 nínú 100 kí a má ṣe bá a pàdé. Ẹ pín 3 sí iye ìwé tí ẹ fi wọ̀n, ohun tí ẹ bá rí ni òkè téńté ibi tí àṣìṣe náà lè dé: 3 lórí 40 jẹ́ 7 àti ààbọ̀ nínú 100. Bí ẹ bá fẹ́ kó wálẹ̀ sí 1 nínú 100, ẹ nílò ìwé àtijọ́ 300.

Bí àwọn tó kọ ìwé fún yín bá ń kọ ọ́ ní èdè tí kì í ṣe ti ìyá wọn, kí ìwé 40 náà jẹ́ ti irú wọn. Ní 2023, àwọn olùṣèwádìí ní Stanford sáré àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL nínú ẹ̀rọ aṣàwárí méje. Tí a bá ṣírò méjèèje pọ̀, ìdá 61 nínú 100 àwọn àròkọ náà ni wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àròkọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún wọn ní wàhálà kankan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ èdè náà kò tíì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ máa ń lo èyí tó wọ́pọ̀ jù, èyí tó wọ́pọ̀ jù náà ló sì ṣeé méfò. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí náà wá ní kí ChatGPT fi ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kún àwọn àròkọ yẹn, ẹ̀sùn dínkù gan-an.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka iye àwọn tó ṣeé ṣe kó jẹ̀bi kí ẹ tó tọ́ka sí ẹnì kan

Ẹ jẹ́ ká lo nọ́ńbà tí OpenAI fúnra wọn sọ nípa ẹ̀rọ tí mo mẹ́nu bà lókè. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi dán an wò, ó mú ìdá 26 nínú 100 ìwé tí ẹ̀rọ kọ, ó sì fẹ̀sùn kan ìdá 9 nínú 100 ìwé tí ènìyàn kọ. Ká ní àròkọ 100 wà níwájú yín, tí 20 nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìdá 26 nínú 100 ti 20 yìí jẹ́ nǹkan bíi 5. Ìdá 9 nínú 100 ti 80 tó kù jẹ́ nǹkan bíi 7. Ẹ̀rọ náà á tọ́ka sí ènìyàn 12, aláìṣẹ̀ á sì pọ̀ ju ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ nínú wọn. Ẹlẹ́ṣẹ̀ 15 á sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pa ẹ̀rọ náà tì ní oṣù Keje ọdún 2023 nítorí pé kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì tó bó ṣe yẹ.

Àwọn ẹ̀rọ tó ti jáde lẹ́yìn rẹ̀ sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò yí padà. Ẹ fi iye tí ẹ rí ní ìgbésẹ̀ kẹrin rọ́pò 9 náà, kí ẹ tún un ṣe fún irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi ojú ara yín kà á, irú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́nà tirẹ̀

Ojú tó ti mọ iṣẹ́ náà níyì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2025, wọ́n ní kí àwọn márùn-ún tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ akọ̀wé léraléra ka àpilẹ̀kọ Gẹ̀ẹ́sì 300. Nígbà tí wọ́n fi ìbò ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ìdájọ́, ọ̀kan péré ni wọ́n ṣì. Ohun tí irú ojú bẹ́ẹ̀ ń wá yàtọ̀ láti irú ìwé kan sí èkejì.

Ní ti ìtàn àròsọ, ẹ má ka ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ tẹ́ ìtàn mélòó kan tí àwọn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìtàn kan tí ẹ̀rọ kọ lè dà bí iṣẹ́ òǹkọ̀wé tí kò tíì dáńgájíá, ṣùgbọ́n mẹ́wàá nínú wọn á jọ ara wọn bíi pé ẹnì kan náà ló kọ wọ́n, torí pé orísun kan náà ni wọ́n ti ṣàn wá. Ìwé ìròyìn ìtàn sáyẹ́ǹsì Clarkesworld ló fi hàn gbogbo ayé. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, olóòtú rẹ̀, Neil Clarke, ti ilẹ̀kùn ìfìtànránṣẹ́ pa lẹ́yìn tí ìtàn bíi 500 tí ẹ̀rọ kọ ti wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní ẹ̀gbẹ́ nǹkan bíi 700 tí ènìyàn kọ. Ní ìwé ìròyìn ìtàn sáyẹ́ǹsì míì, Asimov's, ju 20 lọ nínú àwọn tó wọlé ló ní àkọlé kan náà.

Nínú ìtàn fúnra rẹ̀, ẹ wo bí ìran kọ̀ọ̀kan ṣe parí. Ẹ̀rọ fẹ́ràn kí gbogbo ìran parí pẹ̀lú gbólóhùn kan tó fi ọkàn balẹ̀, tó sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn ti kọ́. Ẹ wo ìjíròrò: ṣé gbogbo ìbéèrè ló ń rí ìdáhùn tààrà? Ènìyàn gidi a máa dá ọ̀rọ̀ míì sílẹ̀, a máa dákẹ́, a máa dáhùn ohun tí wọn kò bi í. Ẹ wá ohun kan nínú ìtàn tí kò ṣe iṣẹ́ kankan fún kókó rẹ̀, tó kàn wà níbẹ̀ nítorí pé òǹkọ̀wé ti rí i rí. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú ojú ìwé mẹ́wàá, ìfura yín lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ohun tó ń ba ìwò yìí jẹ́ ni àtúnṣe: bí ènìyàn bá ti jókòó tún ìdajì ìtàn náà kọ, àwọn àmì wọ̀nyí ló máa kọ́kọ́ pòórá.

Ní ti àròkọ, ìlò ọ̀rọ̀ kò lè dá ẹnì kan lẹ́bi, bó tilẹ̀ lè fi hàn pé ogunlọ́gọ̀ ń lo ẹ̀rọ. Àwọn olùṣèwádìí kan ka ìṣọníṣókí ìwádìí tó ju mílíọ̀nù 15 lọ tó wà lórí PubMed, àkójọ ìwádìí ìṣègùn, láti 2010 sí 2024. Wọ́n rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi `delves` ṣàdédé gbilẹ̀ lẹ́yìn tí ChatGPT dé, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ó kéré tán, ìdá 13 àti ààbọ̀ nínú 100 ti ọdún 2024 ló gba ọwọ́ ẹ̀rọ kọjá. Ìṣirò yẹn lágbára nítorí pé ìwé pọ̀ lọ jàra. Ẹ kò wá lè mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà kí ẹ sọ pé nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ lo jẹ̀bi. Ohun tí mo máa ń wò nínú àròkọ kan ni ìwé ìtọ́kasí. Ẹ ṣí mẹ́ta nínú wọn. Ṣé wọ́n wà lóòótọ́? Ṣé ojú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí sọ ohun tó ní ó sọ? Ìwé tí kò sí láyé jẹ́ ẹ̀rí tó ju èsì ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ló hùmọ̀ rẹ̀ tàbí ènìyàn.

Ní ti àlàyé inú kóòdù, ẹ wo ohun tí àlàyé náà mọ̀ tí kóòdù kò sọ. Ẹ wo èyí:

```python
# loop through the users
for user in users:
    # send an email to the user
    send_email(user)
```

Àlàyé méjèèjì tún ohun tí kóòdù ti sọ sọ ni. Ẹ̀rọ fẹ́ràn irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà ń kọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìkọ́ni ṣe kọ́ ọ. Ẹ fi wé èyí:

```python
# keep this: mail server blocks us after 10 quick sends
time.sleep(6)
```

Ẹni tó kọ ìkejì ti bá olupín lẹ́tà náà jà rí. Kò sí ibì kankan nínú kóòdù tó sọ nípa 10 yẹn. Àlàyé ẹyọ kan kò tó fún ìdájọ́, nítorí náà ẹ kó gbogbo èyí tí ẹnì kan kọ nínú fáìlì púpọ̀ jọ, kí ẹ ka iye tó jẹ́ irú kìíní àti iye tó jẹ́ irú ìkejì, kí ẹ sì fi wé èyí tí ẹni náà kọ ní ọdún tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìtàn fáìlì náà:

```
git log --stat --follow mailer.py
git blame mailer.py
```

Àlàyé tó wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n tún àléébù kan ṣe, ní ìlà kan tàbí méjì, ní ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ìlà 400 tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí olúkúlùkù wọn ní àlàyé tirẹ̀ lórí, yẹ ní bíbéèrè. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń pa gbogbo àyípadà pọ̀ di ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e wọlé. Lọ́dọ̀ irú wọn, ohun tí `git log` sọ kò ní ìtumọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá sì ti fàyè gba irinṣẹ́ tó ń parí kóòdù fún èèyàn, mi ò rí ìdí tí ẹ fi ń wá ẹni tó kọ àlàyé. Ẹ kúkú wò ó bóyá òótọ́ ni àlàyé náà sọ.

Ní ti ìròyìn ní ṣókí, ẹ gbàgbé ìlò ọ̀rọ̀ pátápátá, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìròyìn gígùn tó ti wá. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tó fi ìdánilójú hàn, kí ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú èyí tó gùn. Ibi tí ẹ̀rọ ti sábà máa ń kọsẹ̀ ni pé “wọ́n fẹ̀sùn kàn án” á di “ó ṣe é”, tàbí kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan sí ẹnu ẹlòmíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ohun èlò Apple tó ń sọ ìròyìn di ṣókí lórí fóònù gbé e jáde lórúkọ BBC pé ẹnì kan tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn ti yìnbọn pa ara rẹ̀. BBC kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣẹlẹ̀. Apple dá iṣẹ́ náà dúró lórí ìròyìn ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ènìyàn náà ń ṣe irú àṣìṣe yìí tó bá ń kánjú, nítorí náà ohun tí ẹ rí kò fi dandan sọ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ó sọ pé kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, ìyẹn sì ni olóòtú nílò láti mọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ bá òǹkọ̀wé sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀

Ẹ má bèèrè pé “ṣé ẹ̀rọ lo lò?” Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ìdí tó fi mú ìwé ìtọ́kasí kejì, tí kò mú òmíràn. Ẹ ní kí òǹkọ̀wé ìtàn sọ ìran tó yọ kúrò. Ẹ bi ẹlẹgbẹ́ yín ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá yọ ìlà `time.sleep(6)`. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà á ní ju ohun tó wà lórí ìwé lọ láti sọ, bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Nítorí náà, ẹ fún un láyè kí ara rẹ̀ balẹ̀.

Nínú àkọsílẹ̀ yín, ẹ má kọ èsì 82 lásán. Ẹ kọ irú ìwé náà, iye ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́yìn tí ẹ yọ àyọlò, orúkọ ẹ̀rọ aṣàwárí àti ọjọ́ tí ẹ lò ó, iye ìwé àtijọ́ tí ẹ fi wọ̀n ọ́n àti mélòó nínú wọn ló dé èsì yẹn. Ọjọ́ náà ṣe pàtàkì, torí pé àwọn tó ni ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń yí wọn padà láìkéde. Bí ẹ bá rí i pé ìwé àtijọ́ kan tí èsì rẹ̀ jẹ́ 30 lóṣù tó kọjá ti di 60 lónìí, ẹ da ààlà tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ nù, kí ẹ sì sáré gbogbo 40 náà lẹ́ẹ̀kan sí i.